Bí A Ṣe Ń Yẹ Ọ̀pẹ̀yìnbó Wò Láti Inú Fọ́tò

Agbègbè Alada, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ọ̀pẹ̀yìnbó Súgálófù tí wọ́n ń tà ní Èkó ti ń wá. Oníṣòwò tó wà ní ọjà èso Kẹ́tu tàbí ní Àjàṣẹ́ kì í sábà wọ oko mọ́ kó tó ra ọjà. Àgbẹ̀ tàbí alágbàtà á ya fọ́tò, á fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù, wọ́n á dúnàádúrà, ọkọ̀ á sì gbéra. Fọ́tò yẹn ló ń mú owó jáde lápò, nítorí náà ó yẹ kí ẹni tó ń wò ó mọ ohun tí òun ń wá nínú rẹ̀.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nípa rẹ̀ ni pé ẹlẹ́rìí méjì ló wà nínú fọ́tò odindi ọ̀pẹ̀yìnbó, ohun tí ọ̀kan mọ̀ kọ́ sì ni èkejì mọ̀. Ara èso ló mọ bó ṣe gbó tó. Ewé orí ló mọ ìgbà tí wọ́n ti gé e lóko àti bí ara igi tó so ó ṣe le tó. Ibi tí oníṣòwò ti ń pàdánù ni ibi tó ti ń bi ọ̀kan léèrè ohun tí èkejì mọ̀: ó rí ewé orí tó tutù yọ̀yọ̀, ó ní èso náà dùn, ó rí ewé orí tó gbẹ, ó ní èso ti gbó jù. Ewé tutù yọ̀yọ̀ lè wà lórí èso kíkan tí wọ́n gé láàárọ̀ òní, ewé gbígbẹ sì lè wà lórí èso tó dùn tí wọ́n kàn gbàgbé sínú oòrùn ní ìdíkọ̀.

Kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ gbígbó. Bí a bá bẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní dúdú, yóò pọ́n nílé, yóò sì dùn, nítorí pé ó ti kó sítáàṣì pamọ́ sínú, sítáàṣì yẹn ló sì ń di ṣúgà. Ọ̀pẹ̀yìnbó kò ní irú ìpamọ́ bẹ́ẹ̀. Ara ewé igi rẹ̀ ni ṣúgà ti ń gba ọrùn èso wọlé lójoojúmọ́, ọjọ́ tí àdá bá sì gé ọrùn yẹn ni ṣúgà dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà, èèpo lè pọ́n sí i nínú agbọ̀n, kíkan rẹ̀ lè yí padà díẹ̀, ara rẹ̀ lè rọ̀, ṣùgbọ́n dídùn rẹ̀ kò ní fi ohun kan lé. Nítorí náà, bí a bá ń wo fọ́tò, kì í ṣe bí èso ṣe máa rí lọ́la là ń wádìí. Ohun tí à ń wádìí ni bóyá ó ti gbó nígbà tí wọ́n gé e. Àjọ Kódẹ́ẹ̀sì, tó ń ṣe ìlànà oúnjẹ fún gbogbo àgbáyé, sọ pé omi inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 12 ó kéré tán lórí òṣùwọ̀n ṣúgà tí wọ́n ń pè ní Bríìsì. Kámẹ́rà kò lè ka nọ́ńbà yẹn, àmọ́ àwọn àmì kan wà lára èso tó ń bá a rìn.

Àwọ̀ ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń wò, òun gan-an ló sì ń tan ènìyàn jẹ jù. Kí a tó sọ ohunkóhun nípa àwọ̀, ẹ jẹ́ ká mọ irú ọ̀pẹ̀yìnbó tó wà níwájú wa. Oríṣi méjì ni wọ́n ń gbìn jù ní Alada. Kayẹ́nì rí róbótó gbọọrọ, òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ bákan náà; Súgálófù fẹ̀ nídìí, ó sì ń tín-ínrín lọ sókè. Bí Kayẹ́nì bá ń gbó, àwọ̀ ìyeyè á bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, á máa gun òkè díẹ̀díẹ̀, àwọn tó ń kó o lọ sí ìlú òyìnbó sì máa ń wọ̀n ọ́n ní ìdá mẹ́rin: ìdámẹ́rin kan ti pọ́n, ìdajì ti pọ́n, títí dé orí. Súgálófù kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè gbó tán, kí ó dùn tán, kí èèpo rẹ̀ ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé. Oníṣòwò tó bá dá fọ́tò Súgálófù padà nítorí pé kò rí ìyeyè ti dá ọjà tó dára padà. Èyí tó tilẹ̀ burú ju ìyẹn lọ ni pé bó bá ń fi dandan béèrè fún ìyeyè, àgbẹ̀ yóò fi Súgálófù sílẹ̀ lóko títí yóò fi gbó kọjá ààlà, tàbí kí ó wá ọ̀nà mìíràn tí èèpo rẹ̀ yóò fi pọ́n.

Ọ̀nà mìíràn yẹn wà, Kayẹ́nì sì ni wọ́n ń lò ó fún jù. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní ẹ́tífọ́ọ̀nù, tí wọ́n ń fọ́n sí èso nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí wọ́n gé e. Ó ń fọ́ àwọ̀ ewé tó wà lára èèpo, kí ìyeyè tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè hàn. Èèpo ló ń bá ṣiṣẹ́. Kò fi ṣúgà kún inú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fúnra rẹ̀ dá ríránṣẹ́ ọ̀pẹ̀yìnbó sí ilẹ̀ Yúróòpù dúró fún ìgbà kan, nítorí pé oògùn yìí kù lára èso ju bí òfin ibẹ̀ ṣe fàyè gbà lọ. Àmì tí mo máa ń wá nínú fọ́tò Kayẹ́nì ni bí àwọ̀ ṣe pín. Èso tó pọ́n fúnra rẹ̀ kì í dọ́gba: ìdí rẹ̀ á ti dúdú nínú ìyeyè, àárín á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yí, èjìká á ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé. Bí èso mẹ́wàá nínú fọ́tò kan bá pọ́n lọ́nà kan náà láti ìdí dé orí, tí ojú ara wọn ṣì ṣóńṣó, ó yẹ kí a béèrè ohun tí wọ́n fọ́n sí wọn.

Oòrùn náà ń ṣe irú ayédèrú yìí. Nígbà tí èso bá wúwo tó sì dùbúlẹ̀ lórí igi, apá tó kọjú sí oòrùn ọ̀sán á jó. Á kọ́kọ́ funfun bíi pé ó ń pọ́n, lẹ́yìn náà á di ìyeyè, á di pupa ilẹ̀, nígbà mìíràn á sì là. Ẹni tó ya fọ́tò apá yẹn nìkan lè jẹ́ kí a rò pé èso ti pọ́n. Ìyàtọ̀ wọn kò ṣòro láti mọ̀ bí a bá mọ ibi tí a ó wò: pípọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, ó sì ń yí èso ká, jíjó ń wà ní ẹ̀gbẹ́ kan tàbí ní èjìká, ó ní etí, ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ ewé pátápátá. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò ẹ̀gbẹ́ kan kò fi tó rárá. Abẹ́ ibi tó jó máa ń rọ̀ kí ìyókù tó rọ̀, ibẹ̀ ni ìjẹrà sì ń gbà wọlé.

Bí wọ́n bá ní kí n fi àmì kan ṣoṣo sílẹ̀ fún oníṣòwò, ojú ara èso ni n ó fi sílẹ̀, àní ṣáájú àwọ̀. Ojú kọ̀ọ̀kan tí a ń rí lára ọ̀pẹ̀yìnbó jẹ́ èso kékeré kan tó ti inú òdòdó kan wá, gbogbo wọn ló so pọ̀ di odindi. Nígbà tí èso ṣì kéré, ojú kọ̀ọ̀kan ṣóńṣó síta, ewé kékeré tó bò ó mọ́lẹ̀ gùn, kòtò tó wà láàárín ojú kan sí èkejì sì jinlẹ̀. Bí omi àti ṣúgà ṣe ń wọlé, ojú ń kún, ó ń fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣónṣó rẹ̀ ń tẹ́, ewé kékeré yẹn ń gbẹ, kòtò àárín wọn ń kún lọ. Ojú tó ti gbó tán tẹ́ pẹrẹsẹ, àárín rẹ̀ tilẹ̀ lè wọnú díẹ̀, èèpo rẹ̀ sì ń dán. Àmì yìí ṣiṣẹ́ fún Súgálófù àti Kayẹ́nì, oògùn kò sì lè ṣe ayédèrú rẹ̀.

Àwọn òdòdó ìdí ló kọ́kọ́ là, nítorí náà àwọn ojú ìdí ló kọ́kọ́ ń gbó, tí ti èjìká sì ń kẹ́yìn. Ohun kan náà ló jẹ́ kí ìdí ọ̀pẹ̀yìnbó máa dùn ju orí rẹ̀ lọ. Nínú fọ́tò, mo máa ń gun èso láti ìdí lọ sókè, ìpele kan tẹ̀lé òmíràn, mo sì ń wá ibi tí ojú títẹ́ ti parí tí ojú ṣóńṣó ti bẹ̀rẹ̀. Bí títẹ́ kò bá tíì kọjá ìdámẹ́ta ìsàlẹ̀, wọ́n kánjú gé e. Bó bá ti dé ìdámẹ́ta òkè, tí kìkì ìpele bíi méjì tó wà lábẹ́ ewé orí ló ṣì ṣóńṣó, èso náà tó gé. Bí gbogbo rẹ̀ bá tẹ́ títí dé abẹ́ ewé, tí àlàfo àárín ojú sì ń là tàbí tí omi ń sun níbẹ̀, kí a tà á lónìí kí a má ṣe kó o rìn jìnnà.

Bí wọ́n ṣe ya fọ́tò ló máa sọ bóyá a lè rí èyí. Iná fíláàṣì ń pa òjìji, tí òjìji bá sì ti kú, ojú ṣóńṣó àti ojú pẹrẹsẹ dọ́gba. Ohun tí mo ń bẹ àgbẹ̀ fún ni pé kí ó gbé èso sí ìta, lábẹ́ òjìji igi tàbí òrùlé tó ṣí, kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wá. Kí ó gbé abala pépà funfun sí ẹ̀gbẹ́ èso. Kámẹ́rà fóònù máa ń tún àwọ̀ ṣe fúnra rẹ̀, gílóòbù ilé ìkẹ́rù sì ń fi ìyeyè kún ohun gbogbo. Bí pépà bá di ìyeyè nínú fọ́tò, a mọ̀ pé ìyeyè ara èso náà kò ṣeé gbára lé. Kí ó má sì sún mọ́ èso jù. Fóònù tó sún mọ́ nǹkan ń mú kí apá tó wà níwájú tóbi, kí èyí tó wà lẹ́yìn kéré, ewé orí á wá dà bíi pé ó kúrú tàbí pé ó gùn ju bó ṣe rí lọ. Kí ó fà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ méjì, kí ó fa àwòrán mọ́ra lójú fóònù. Fọ́tò mẹ́rin péré ti tó: ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì, ìdí níbi tí wọ́n ti gé e, àti ewé orí láti òkè. Kí èso gbẹ kó tó yà á, nítorí omi ń mú kí èèpo dán láìjẹ́ pé ó gbó.

Ó kan ewé orí báyìí. Ewé ìta ló kọ́kọ́ ń jìyà nígbà tí èso bá ti kúrò lóko: ṣónṣó wọn á gbẹ, á di pupa ilẹ̀, gbígbẹ náà á máa sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí ewé, ewé á sì máa ká. Ewé àárín ló ń gbẹ́yìn. Bí ewé ìta bá gbẹ díẹ̀ tí ewé àárín tutù, èso ti lo ọjọ́ mélòó kan, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Bí ewé àárín bá ti ń rọ tàbí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nígbà tí ewé ìta ṣì le, ìyẹn kì í ṣe ọjọ́ orí mọ́, ìjẹrà ló ti wọ ọkàn ewé. Kí a tún wo ṣónṣó ewé dáadáa. Ewé ọ̀pẹ̀yìnbó ń parí ní ṣónṣó. Bí a bá rí àwọn tó parí ní gígé tààrà, ọ̀bẹ ti kan ibẹ̀. Gígé ewé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n ń gé e kí ẹrù lè wọ páálí, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí tó yẹ kó sọ ọjọ́ orí fún wa ti lọ, a ó sì ní láti bi ìdí èso léèrè.

Ìlera igi náà ń hàn lára ewé. Kòkòrò kéékèèké kan wà, funfun, oníyẹ̀fun, tí èèrà ń gbé kiri láti igi dé igi. Àìsàn tó bá a rìn ń mú kí ewé igi pọ́n, kí etí rẹ̀ ká wálẹ̀, kí ṣónṣó rẹ̀ gbẹ, gbòǹgbò á sì kú. Igi bẹ́ẹ̀ kò lè bọ́ èso rẹ̀ dójú àmì, nítorí náà èso á kéré, ojú rẹ̀ kò ní kún. Nínú fọ́tò, a ń wá nǹkan funfun bí òwú ní ìdí ewé orí àti nínú kòtò àárín ojú. Bí a bá rí i, tí ojú èso náà kò sì kún, kí a má ṣe sọ pé wọ́n tètè gé e. Bí wọ́n tilẹ̀ fi í sílẹ̀ lóko, kò ní dára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Fún ọjà òkèèrè, ìrísí ewé orí ní òfin tirẹ̀. Ní ipò tó ga jù nínú ìlànà Kódẹ́ẹ̀sì, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan, kí ó dúró gbọn-in, kí ó má ní ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí gígùn rẹ̀ má sì dín sí ìdajì gígùn èso tàbí kí ó ju ìlọ́po kan àtààbọ̀ rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń tà fún àwọn tó ń bó o sínú ọ̀rá ní Èkó kò nílò rẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń dá owó ọjà sílẹ̀ nítorí ewé tó wọ́, kò sì tọ́, nítorí ewé wíwọ́ kò kan inú èso.

Ẹ jẹ́ ká wá fi gbogbo rẹ̀ yẹ ọjà kan wò. Ká ní àgbẹ̀ kan ní apá Tofo fi fọ́tò mẹ́rin ránṣẹ́, ó ní Súgálófù ni, ó sì ní àná ni òun gé e. Nínú fọ́tò kìíní, èso fẹ̀ nídìí, ó tín-ínrín lókè, àwọ̀ ewé ni gbogbo ara rẹ̀. Súgálófù ni lóòótọ́, àwọ̀ ewé yẹn kò sì ní kí a bẹ̀rù. Ojú tẹ́ láti ìdí dé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣóńṣó. Ó tó gé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n ó fẹ́ kí wọ́n fún un ní ọjọ́ díẹ̀ sí i. Nínú fọ́tò kejì, ìyeyè kan wà ní èjìká, ó ní etí, àárín rẹ̀ ti ń di pupa ilẹ̀. Oòrùn ló jó o. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan nínú agbọ̀n, kò burú. Bó bá pọ̀ nínú ọjà, a jẹ́ pé wọn kò fi koríko bo èso lóko náà.

Fọ́tò kẹta ni ti ìdí. Inú ilé ni wọ́n ti yà á, pépà funfun náà sì ti di ìyeyè, nítorí náà òrùka ìyeyè tó hàn yí ìdí ká kò ṣeé kà sí ohunkóhun. Ọrùn tí wọ́n gé ni mo ń wò. Ọrùn tí wọ́n gé láná máa ń mọ́, kò sì tíì sún kì. Ti èyí ti gbẹ, ó ti ṣókùnkùn, àárín rẹ̀ ti wọnú. Nínú fọ́tò kẹrin, ṣónṣó ewé ìta ti gbẹ tó ìwọ̀n ìka ọwọ́ kan, ewé àárín sì tutù. Ọrùn àti ewé ti fohùn ṣọ̀kan pé kì í ṣe àná ni wọ́n gé e. Èyí kò túmọ̀ sí pé èso náà bàjẹ́. Ìdí rẹ̀ gbẹ, kò rọ̀, kò sì sí omi dúdú tó ń tàn káàkiri láti ibi ọgbẹ́ náà, èyí tó jẹ́ àmì ìjẹrà dúdú tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọgbẹ́. Àmọ́ ó ti jẹ nínú ọjọ́ tí oníṣòwò fẹ́ fi tà á, iye tí wọ́n dá lé e kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ iye ọjà àná.

Ohun tí n ó béèrè lẹ́yìn èyí kì í ṣe fọ́tò. Ní Alada, àgbẹ̀ kì í dúró de òdòdó ọ̀pẹ̀yìnbó. Wọ́n ń po kábáádì mọ́ omi, wọ́n ń dà á sí ọkàn ewé igi kí gbogbo oko lè rúdí pọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, èso ń lo nǹkan bí oṣù márùn-ún sí mẹ́fà kó tó gbó. Àgbẹ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ ọjọ́ tó da kábáádì. Bó bá ní oṣù mẹ́rin ló ṣì jẹ́, ojú títẹ́ nínú fọ́tò kò ní pa mí lẹ́nu mọ́, n ó ní kí ó yan èso mìíràn fún mi láti àárín oko, kí ó tún yà á.

Àwọn nǹkan kan sì wà tí fọ́tò odindi èso kò lè fi hàn láé. Èso tí òtútù bá pa lè dúdú ní ọkàn, kí ìta rẹ̀ má ní àbàwọ́n kankan. Èso tó gbó jù lè ti ń di omi nínú, kí èèpo rẹ̀ ṣì dán. Ní oko, a lè fi ìka kan an, kí a gbọ́ bó ṣe ń dún. Fọ́tò kò ní ohùn. Nítorí náà, fún ọjà tó bá ti kún ọkọ̀, kí àgbẹ̀ la ẹyọ kan níwájú kámẹ́rà, láti orí dé ìdí, kì í ṣe ní ìbú. Bó bá là á ní ìbú ní ìdí, ibi tó dùn jù nìkan la ó rí. Bó bá là á lóòró, a ó rí ọkàn rẹ̀, a ó rí bí omi ṣe kún ara rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, a ó sì mọ̀ bóyá ìdámẹ́ta òkè tí ojú rẹ̀ ṣóńṣó nínú fọ́tò kìíní ti gbó tó láti tà, tàbí kí a ní kí wọ́n gé ìyókù oko ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.